Fọ́tò màmá mọ́ nínú ìwé ètò, ó ṣú lórí báńà: ta ló jẹ̀bi?

Àbíkẹ́yìn Màmá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. A ṣe ọjọ́ ìbí 70 ọdún fún màmá wa ní Bódìjà. Fọ́tò kan náà la fún ẹni tó tẹ ìwé ètò àti ẹni tó tẹ báńà. Nínú ìwé ètò, ojú màmá mọ́ kedere. Lórí báńà ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 6, ojú wọn ṣú bàìbàì, bẹ́ẹ̀ orúkọ wọn tó wà nísàlẹ̀ mọ́ ketekete. Lórí fóònù mi, fọ́tò náà ò ní àbùkù kankan. Ẹni tó tẹ báńà ní fọ́tò ló burú, ẹni tó ya fọ́tò ní ẹ̀rọ ló burú. A fẹ́ tún un tẹ̀ kí ìdúpẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó dé. Ta ni kí n gbà gbọ́?

---

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ̀rọ ni jàre. Tí wọ́n bá fẹ́ kí iṣẹ́ tètè jáde, wọ́n á dín iye ìgbà tí orí ẹ̀rọ ń kọjá lórí fìlẹ́ẹ̀sì kù. Mo máa ń rí i níbí. Iná á lọ, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀, wọn ò ní fẹ́ kí epo tán, ni wọ́n á bá sáré tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e padà fún wọn, ẹ ní kí wọ́n fara balẹ̀ tẹ òmíràn.

---

Onífìlẹ́ẹ̀sì

Àbúrò mi Ọmọ Mọ́kọ́lá, òótọ́ ni pé ìsáré ń ba iṣẹ́ jẹ́, àmọ́ ojú ibi tó ń bà á jẹ́ yàtọ̀. Tí orí ẹ̀rọ ò bá kọjá tó, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni ẹ máa rí tó ń gba ìbú báńà kọjá, pàápàá níbi tí àwọ̀ kan ṣoṣo bá ti gba ilẹ̀ púpọ̀. Tí orí ẹ̀rọ ò bá wà lójú ìlà, àwọn lẹ́tà kéékèèké á ní òjìji pupa tàbí búlúù létí. Orúkọ màmá mọ́, wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kan náà, íńkì kan náà, fìlẹ́ẹ̀sì kan náà ló gba orúkọ àti ojú. Tí lẹ́tà bá mú ṣáṣá tó sì jẹ́ pé ojú nìkan ló ṣú, ẹ̀rọ ò jẹ̀bi.

Bí wọ́n ṣe ń dá lẹ́tà kọ́ ni wọ́n ṣe ń dá fọ́tò. Nínú Kọ́rẹ́ẹ̀lì tí a fi ń ṣètò báńà, kọ̀ǹpútà mọ ibi tí ìlà lẹ́tà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti yí, nítorí náà ó lè tún un fà ní ìwọ̀n yòówù tí a bá fẹ́, etí rẹ̀ á sì mú. Fọ́tò ò ní ìlà kankan. Àwọn àmì àwọ̀ kéékèèké tí a ń pè ní píksẹ́lì ló kó jọ, iye tó ní lọ́jọ́ tí wọ́n fi í pa mọ́ náà ni iye tó ní.

Àbíkẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fọ́tò náà lórí fóònù, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ `Details` sí, ẹ sọ nọ́ńbà méjì tó wà níbẹ̀ fún wa. Ẹ tún fi tépù wọn fọ́tò màmá fúnra rẹ̀ lórí báńà àti nínú ìwé ètò. Kì í ṣe báńà lódindi o, fọ́tò nìkan.

---

Bàbá Atẹ̀wé

Ọ̀rọ̀ yìí ò le tó bẹ́ẹ̀. Ìwé ni mo fi ṣiṣẹ́ jẹun, mo sì ti bá àwọn tó ń gbé ìwé jáde ní Jẹ́ríkò ṣe. Òfin wa ò ju ọ̀kan lọ: píksẹ́lì 300 nínú ínṣì kan. Fọ́tò tó bá ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì wá, 72 ni. Ẹ sọ fún ọmọ tó ń ṣe gíráfíìkì kó ṣí i nínú Fótóṣọ́ọ̀pù, kó pa 72 rẹ́, kó kọ 300 síbẹ̀. Ojú màmá á mọ́.

---

Àbíkẹ́yìn Màmá

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin àgbà. Ohun tí mo rí ni `960 × 1280`. Orí Wásáàpù ẹbí wa la ti mú un. Lórí báńà, fọ́tò náà ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5. Nínú ìwé ètò, ínṣì 4 ló ga. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé tí mo bá dúró lẹ́nu géètì, báńà náà dára. Ìgbà tí mo bá sún mọ́ ọn ni ojú màmá ń dàrú.

---

Onífìlẹ́ẹ̀sì

Ẹ ti dá ara yín lóhùn láìmọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀.

Nínú ìwé ètò, píksẹ́lì 1280 tó jẹ́ gíga fọ́tò náà ló wà nínú ínṣì 4. Ẹ fi 4 pín 1280, ó jẹ́ 320. Ínṣì kọ̀ọ̀kan lórí bébà ní píksẹ́lì 320, ìyẹn sì kọjá 300 tí Bàbá Atẹ̀wé ń sọ. Ìdí tó fi mọ́ níbẹ̀ nìyẹn.

Lórí báńà, ẹsẹ̀ bàtà 5 jẹ́ ínṣì 60. Ẹ fi 60 pín 1280 yẹn kan náà, ó lé díẹ̀ ní 21. Ínṣì kọ̀ọ̀kan lórí báńà yẹn ní píksẹ́lì 21 péré. Ẹyọ kan fẹ̀ ju mílímítà 1 lọ, ojú lásán lè rí i. Láti ìwé ètò dé báńà, kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan kún fọ́tò náà, kò sì sẹ́ni tó yọ nǹkan kan kúrò. Wọ́n kàn nà án gbòòrò ni.

Kí ló dé tó fi ṣú dípò kó máa hàn ní igun mẹ́rin-mẹ́rin? Ẹ̀rọ ò lè fi àlàfo sílẹ̀ láàárín píksẹ́lì kan sí èkejì. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń fẹ fọ́tò, yóò wo àwọ̀ méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, yóò pò wọ́n pọ̀, yóò sì fi èyí tó bá rí dí àárín. Irun ìpéǹpéjú màmá tó yẹ kó dúdú kó sì dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ ara wá di eérú tó ń ṣí díẹ̀díẹ̀ sínú awọ. Ojú wa á ní ó ṣú. Tí ẹ bá tún wo etí gèlè dáadáa, ẹ lè rí ìdọ̀tí kéékèèké bíi páálí tó fọ́ yí i ká. Ti Wásáàpù nìyẹn. Kì í ṣe píksẹ́lì nìkan ló ń dín kù. Ó tún ń fún fáìlì pọ̀ kí dátà má baà jó, ìfúnpọ̀ yẹn sì máa ń fi àpá sílẹ̀ níbi tí àwọ̀ bá ti yí lójijì.

Ti géètì wàyí. Ojú èèyàn ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí a bá ṣe ń jìnnà sí nǹkan ni àmì méjì tó wà lórí rẹ̀ ń súnmọ́ ara wọn lójú wa, títí wọ́n á fi di ọ̀kan. Ìṣirò tí a fi ń mọ ibẹ̀ rọrùn: ẹ fi iye píksẹ́lì tó wà nínú ínṣì kan pín 3438, èsì rẹ̀ ni iye ínṣì tí ẹni tó ríran dáadáa gbọ́dọ̀ fi jìnnà kó má baà rí i pé ó fọ́. Fún 21, ó jẹ́ bí ínṣì 164, tó ń lọ sí ẹsẹ̀ bàtà 14. Lẹ́nu géètì, ẹ ti kọjá 14. Nídìí tábìlì kéèkì, ẹ ò tíì dé ibẹ̀.

---

Bàbá Atẹ̀wé

Mo gbọ́ ìṣirò yẹn. Àmọ́ ẹ ò tíì sọ ìdí tí èmi fi ń lo 300 tí iṣẹ́ mi ò fi bàjẹ́ rí.

---

Onífìlẹ́ẹ̀sì

Nítorí ìwé ni iṣẹ́ yín, Bàbá, ẹ sì ń ṣe é bó ṣe yẹ. Èèyàn ń gbé ìwé sí bí ínṣì 12 sí ojú rẹ̀. Ẹ fi 12 pín 3438, ó jẹ́ 286, ìyẹn ni a sọ di 300. Ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé ìlà 150 nínú ínṣì kan ni wọ́n sábà máa ń lò fún àmì tíntín lórí ìwé tí bébà rẹ̀ dán, tí wọ́n á ní kí fọ́tò jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀. 300 náà tún ni.

Tí a bá wá fi òfin yẹn ṣe báńà ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 6, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 28,800 sí 21,600, ìyẹn ju mílíọ̀nù 620 píksẹ́lì lọ. Ní àwọ̀ mẹ́rin tí a fi ń tẹ̀wé, fáìlì náà á tó gígábáìtì 2 àbọ̀ tí a kò bá fún un pọ̀. Kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù níbí á dákú. Kò sì sí kámẹ́rà fóònù kan tó lè fún yín ní fọ́tò tó tó bẹ́ẹ̀ lójú kan.

Kíkọ 300 sípò 72 ni mi ò lè gbà rárá, ẹ má bínú. Ẹ ṣí `Image Size`. Tí ẹ bá yọ àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ `Resample`, tí ẹ wá kọ 300, fọ́tò 960 sí 1280 ṣì máa jẹ́ 960 sí 1280. Ínṣì tó kọ síbẹ̀ ló máa já wálẹ̀, gíga rẹ̀ á kúrò ní bí ínṣì 18, á di ínṣì 4 àti díẹ̀. Ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́, ẹ ò sì tún nǹkan kan ṣe. Tí ẹ bá fi àmì yẹn sílẹ̀, ó máa fò di 4000 sí 5333. Nọ́ńbà yẹn dùn-ún wò, àmọ́ omi la bù kún ọbẹ̀, ẹran inú rẹ̀ ò pọ̀ sí i. Kọ̀ǹpútà po àwọ̀ pọ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ lẹ́ẹ̀kan ni.

72 yẹn náà, íńtánẹ́ẹ̀tì ò tilẹ̀ kà á. Ẹ gbé fọ́tò kan náà sórí Fesibúùkù, kí ọ̀kan ní 72, kí èkejì ní 300, bákan náà ni wọ́n máa fẹ̀. Iye píksẹ́lì nìkan ni ojú fóònù mọ̀.

---

Ìyá Aláṣọ Òkè

Ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Báńà ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìwó Róòdù, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá, ó dára gan-an. Ó pẹ́ díẹ̀, pupa rẹ̀ ti di píńkì, dúdú rẹ̀ ti di eérú. Ṣé píksẹ́lì rẹ̀ ló tán ni?

---

Onífìlẹ́ẹ̀sì

Rárá mà, tiyín yàtọ̀. Oòrùn ló jẹ íńkì. Píksẹ́lì kì í tán, tó bá mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, etí àwòrán á ṣì mú kódà tí àwọ̀ bá ti ṣá. Ẹ béèrè irú íńkì tí wọ́n lò lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé ìta ló máa wà.

---

Ìyàwó Tíṣà

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ ń sọ nípa Wásáàpù yìí, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n, nítorí náà mo yẹra fún un. Kámẹ́rà ńlá la fi ya tiwa, ẹni tó yà á kó fáìlì sínú fílàṣì fún mi, 4000 sí 3000 ló wà níbẹ̀. Síbẹ̀ báńà ìsìnkú bàbá ọkọ mi ṣú bíi ti Àbíkẹ́yìn. Torí náà kì í ṣe gbogbo ẹ̀bi ni ti Wásáàpù.

---

Onífìlẹ́ẹ̀sì

Ẹ dákun, ṣé bàbá nìkan ló wà nínú fọ́tò yẹn?

---

Ìyàwó Tíṣà

Rárá. Fọ́tò gbogbo ẹbí ni, níbi ìgbéyàwó. Ọmọ gíráfíìkì ló gé bàbá jáde láàárín wa.

---

Onífìlẹ́ẹ̀sì

Ibẹ̀ gan-an ló ti lọ. 4000 yẹn, gbogbo yín lẹ jọ pín in. Tí ẹ bá tò ní ìlà kan, bóyá ni bàbá fi gba 600 ní ìbú. Tí wọ́n bá wá fẹ 600 yẹn sí ẹsẹ̀ bàtà 3, ìyẹn ínṣì 36, ó ku bíi 17 nínú ínṣì kan, ó kéré ju ti Àbíkẹ́yìn lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé fọ́tò tán ni kí ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀.

---

Àbíkẹ́yìn Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni fóònù tí wọ́n fi ya màmá. Ó ti ń wá a. Báwo ni kó ṣe fi ránṣẹ́? Tí kò bá sì rí i mọ́ ńkọ́?

---

Onífìlẹ́ẹ̀sì

Kó má fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò. Kó tẹ àmì ìsomọ́, kó yan `Document`, kó wá fọ́tò náà láti ibẹ̀. Bó bá gbà á lọ, á dé bó ṣe wà. Tó bá wà nítòsí, kó fi okùn já a sínú kọ̀ǹpútà. Kó má ya ojú fóònù rẹ̀ bí àwòrán kó fi ìyẹn ránṣẹ́ o, torí píksẹ́lì ojú fóònù nìkan ló máa kó, lára ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ìbú rẹ̀ ò ju 720 lọ. Kó má sì lọ mú un láti orí Ínstágíráàmù, torí 1080 ni wọ́n sábà máa ń dín ìbú fọ́tò kù sí níbẹ̀.

Tí kò bá rí i mọ́, ẹ jẹ́ kí fọ́tò kéré lórí báńà. Báńà lè ṣì jẹ́ 8 sí 6. Ẹ ṣe férémù kan tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 2 fún màmá, ẹ jẹ́ kí orúkọ, 70 ńlá, òdòdó àti àwọ̀ aṣọ ẹbí gba ilẹ̀ tó kù, torí wọn ò ní ṣú. 1280 nínú ínṣì 24 jẹ́ 53, ẹni tó bá fi bí ẹsẹ̀ bàtà 5 àbọ̀ jìnnà á rí i kedere. Mo mọ̀ pé ẹbí á fẹ́ kí màmá tóbi. Màmá kékeré tó mọ́ ló wù mí jù.

---

Àbíkẹ́yìn Màmá

Ó ti rí i! `3000 × 4000`. Ìwọ̀n fáìlì rẹ̀ ju mẹ́gábáìtì 4 lọ.

---

Onífìlẹ́ẹ̀sì

Ẹ kú oríire. 4000 nínú ínṣì 60 jẹ́ 66. Ẹni tó bá dúró ní ẹsẹ̀ bàtà 4 àti díẹ̀ ò ní rí ìfọ́ kankan.

Kí ẹ tó gbé e lọ, ẹ dán an wò. Ẹ ṣírò bí ojú màmá ṣe máa ga tó lórí báńà. Ká ní láti àgbọ̀n dé òkè orí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2, ẹyin ojú kan ṣoṣo pẹ̀lú ìpéǹpéjú rẹ̀ á fẹ̀ tó bí ínṣì 3. Ẹ fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà lórí fóònù títí ojú kan màmá á fi kún ìbú fóònù. Bó ṣe máa tóbi lórí báńà nìyẹn. Ẹ gbé fóònù ti ògiri, ẹ sún sẹ́yìn dé ibi tí àlejò máa dúró sí. Bí ojú náà bá dára níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí ẹyin ojú bá ti dà bí èérún àwọ̀, ẹ má náwó. Ìdánwò yìí tún dára ju ìṣirò lọ ní ọ̀nà kan: ó ń tú àṣírí fọ́tò tí ọwọ́ ẹni tó yà á gbọ̀n, tàbí tí kámẹ́rà mú ògiri ẹ̀yìn dípò ojú. Irú ìyẹn lè ní píksẹ́lì púpọ̀ kó sì ṣì ṣú.

---

Bàbá Atẹ̀wé

Ọ̀rọ̀ 72 yẹn, mo ti gbọ́. Màá wò ó nínú kọ̀ǹpútà tèmi lọ́la. Àmọ́ ẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ bàtà 4 ṣe òdiwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe òde ní Ìbàdàn. Gbogbo àlejò ló máa fẹ̀yìn ti báńà láti ya fọ́tò. Ẹlòmíràn á fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ màmá. 66 ò tó níbẹ̀.

---

Onífìlẹ́ẹ̀sì

Ẹni tó fẹ̀yìn tì í ò wò ó, Bàbá. Kámẹ́rà ló ń wò ó, kámẹ́rà sì máa ń wà ní ẹsẹ̀ bàtà 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ti ẹni tó fẹ́ sún mọ́ ọn wò, ẹ jàre. Fún báńà inú gbọ̀ngàn, 100 ni èmi máa ń béèrè tí oníbàárà bá ní in. Fún ti ara ògiri títì, mo máa ń gba 50. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ń fi 72 ṣe gbogbo rẹ̀, iṣẹ́ wọn ò sì burú.

---

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Mo ti gbà pé ẹ̀rọ ò jẹ̀bi. Owó ńkọ́? Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ rí 960 yẹn kó tó tẹ̀ ẹ́. Ó mọ̀ pé ó máa fọ́. Ó gba owó ẹsẹ̀ bàtà 48, ó dákẹ́. Lójú tèmi, òun ló yẹ kó tún un tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

---

Ìyàwó Tíṣà

Mo wà lẹ́yìn Ọmọ Mọ́kọ́lá. Èmi ò mọ píksẹ́lì, ìdí tí mo fi gbé iṣẹ́ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n nìyẹn.

---

Onífìlẹ́ẹ̀sì

Mi ò fara mọ́ ọn pátápátá. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀, ìyẹn dá mi lójú. Ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, mo máa ń tẹ ojú nìkan sórí àjákù fìlẹ́ẹ̀sì ní ìwọ̀n tó máa jẹ́ gan-an, mo á fi han oníbàárà kí ó tó san owó tó kù. Àmọ́ àwọn oníbàárà wà tó jẹ́ pé bí o bá ní fọ́tò wọn ò dára, wọ́n á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì, ibẹ̀ á sì tẹ̀ ẹ́ láì sọ nǹkan kan. Bí ó bá kìlọ̀ tí oníbàárà ní kó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, owó oníbàárà ló jóná. Àbíkẹ́yìn, ṣé ó kìlọ̀ fún yín?

---

Àbíkẹ́yìn Màmá

Ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí Wásáàpù pé «fọ́tò yìí kéré o». Ẹ̀gbọ́n mi rò pé ó ní kí òun fẹ̀ ẹ́ sí i lórí báńà ni, ló bá dáhùn pé kó jẹ́ kó tóbi dáadáa.

---

Ọmọ Mọ́kọ́lá

«Kéré» nìkan kì í ṣe ìkìlọ̀ fún ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́. Ó yẹ kó ní «ojú màmá máa ṣú». Kí òun san ìdajì owó àtúntẹ̀, kí ẹ̀yin náà san ìdajì.

---

Bàbá Atẹ̀wé

Èmi á ní kí wọ́n san gbogbo rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀, wọ́n ní kó tóbi.